Ta Ló Jẹ́ Iṣẹ́ Náà? Bí Ìkẹ́dùn Ṣe Ń Ti Òkè Òkun Dé Ìbàdàn

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ilé ọ̀fọ̀ gan-an ni òwe yìí ti bá ọ̀rọ̀ mu jù. Bí a bá gbọ́ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ ojúlùmọ̀ wa, a kì í kọ́kọ́ ro ohun tí a fẹ́ sọ kí a tó gbéra. A ó dé ibẹ̀, a ó kí wọn kú àṣẹ̀yìndè, a ó sì wá ibì kan jókòó sí. A lè jókòó fún wákàtí kan kí a má sọ ju gbólóhùn méjì lọ, síbẹ̀ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kò ní gbàgbé pé a wá. Ìjókòó yẹn gan-an ni ìkẹ́dùn.

Nítorí náà, ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Húsítìn nígbà tí wọ́n ń sin ìyá rẹ̀ ní Bódìjà kò ṣàìní ọ̀nà láti sọ̀rọ̀. Ìjókòó ni kò ní. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń fi dípò ara rẹ̀? A fẹ́ fi ìtàn dáhùn ìbéèrè yìí, láti ayé wáyà ní Dùgbẹ̀ títí di ayé fọ́ìsì nóòtù. Ohun tí a rí ni pé ẹ̀rọ ń yí padà, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀wá, tó sì ń fẹ́ sọnù lójú wa: oníṣẹ́, ìyẹn ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà lókèèrè, tó wá jẹ́ ẹ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Kí ìwé tó dé

Àwa tí a ti ka àrokò ní kíláàsì mọ̀ pé ìkíni láti ọ̀nà jíjìn kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so mọ́ra túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà mọ́ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, nítorí pé ẹ̀fà ń rán wa létí fífà. Bí ẹyọ méjì bá kọjú síra wọn, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra wọn, ìjà ti dé.

Ṣùgbọ́n àrokò kì í dá rìn. Ẹnì kan ló máa ń gbé e lọ, ẹni náà yóò kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, yóò kí ilé, yóò sì sọ ọ̀rọ̀ lé ohun tó gbé lọ́wọ́. Ibí yìí ni òwe wa ti wá bọ́ sí i: a rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Oníṣẹ́ tó gbọ́n kò ní da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe gbà á. Yóò wo ojú ẹni tó ń gbọ́, yóò yan àkókò, yóò sì tún èyí tó bá le jù sọ. Ẹ jẹ́ ká di ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ yìí mú, nítorí òun ni a ó fi wọn gbogbo ẹ̀rọ tó tẹ̀lé e.

Dùgbẹ̀: wáyà àti lẹ́tà

Wáyà abẹ́ òkun dé Èkó ní 1886, ọkọ̀ ojú irin sì dé Ìbàdàn ní 1901. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ikú ti lè yára ju ẹsẹ̀ ènìyàn lọ. Bí àkókò ti ń lọ, ilé ìfìwéránṣẹ́ Dùgbẹ̀ di ibi tí ọ̀rọ̀ òkè òkun ń bá wọ ìlú. Oníwáyà á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé tí wáyà wà fún. Ìrísí rẹ̀ nìkan ti tó láti já àwọn ará ilé láyà, nítorí pé ẹni tí nǹkan kò ṣe kì í sábà náwó lé wáyà lórí.

Ìdí ni pé iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń díye lé wáyà. Orúkọ àti àdírẹ́sì pàápàá wà lára ohun tí wọ́n ń kà. Ọmọ tó wà ní Ìlú Ọba tí wọ́n tẹ wáyà ikú bàbá rẹ̀ sí yóò dá èsì padà ní ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá: pé ẹ̀dùn bá òun, pé kí wọ́n má dúró de òun, pé owó ń bọ̀. Kò sí àyè fún oríkì, kò sí àyè fún ẹ kú aráfẹ́rakù.

Ohun mìíràn tún wà tó kan àwa tí à ń kọ́ èdè. Wáyà kò lè gbé àmì ohùn, kò sì lè gbé àmì tó wà lábẹ́ lẹ́tà. Bí o bá tẹ "oku" sí i, ẹni tó gbà á ni yóò mọ̀ bóyá òkú lo wí tàbí pé ó kù. Bí o bá tẹ "oko," ó lè jẹ́ ọkọ, ó lè jẹ́ oko, ó sì lè jẹ́ ọkọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ikú, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín, ìyẹn sì wà lára ohun tó mú kí ó rọrùn láti fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ wáyà. Ìyá tó ń sunkún ní Ìbàdàn á wá gba ìkẹ́dùn ọmọ rẹ̀ ní èdè tí kò gbọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá a sọ ọ́ di Yorùbá. Oníṣẹ́ tún wọlé nìyẹn.

Lẹ́tà gùn ju wáyà lọ, ṣùgbọ́n ó falẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Ọ́ríọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í ná Lífápúùlù sí Èkó ní 1951, nǹkan bí ọjọ́ 13 ló ń lò lójú òkun. Lẹ́tà tó bá ọkọ̀ òfuurufú wá yá díẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ni ìwé aláwọ̀ ojú ọ̀run tó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a máa ń ṣẹ́po fúnra rẹ̀ di àpòòwé. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun sí inú rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹkún lọ lọ́tọ̀, pósítà ọ́dà tàbí owó tí a fẹ́ fi bá wọn gbọ́ bùkátà òkú lọ lọ́tọ̀.

Nígbà tí lẹ́tà bá fi máa dé, wọ́n ti sin òkú. Ìdí nìyí tí lẹ́tà ìkẹ́dùn àtijọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìsìnkú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn òkú ló máa ń kún inú rẹ̀: ta ni yóò máa tọ́jú màmá, ta ni yóò san owó ilé ìwé àbúrò, kí wọ́n má ta ilẹ̀ bàbá. Akọ̀wé tàbí ọmọ ilé ìwé ló máa ń kà á fún ìyá tí kò mọ̀wé. Ọmọ tó ń kà á yìí kì í ṣe ẹ̀rọ. Bó bá kan ibi tí ẹ̀gbọ́n ti bínú kọ̀wé pé wọn kò tọ́jú bàbá dáadáa, á fò ó. Bó bá kan ibi tí ẹ̀gbọ́n ti ń sunkún, á dúró díẹ̀ kí màmá nu ojú. A rán an níṣẹ́ ẹrú, ó fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Nígbà tí òkú bẹ̀rẹ̀ sí í dúró

Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló yí àsìkò ìkẹ́dùn padà. Yàrá tí a ń tọ́jú òkú sí náà yí i padà. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, tí àwa ará Ìbàdàn mọ̀ sí Ọ̀rìtamẹ́fà, ṣí ní 1957. Bí irú yàrá bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, ìdílé onígbàgbọ́ lè gbé òkú àgbà pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n fi ṣètò ìnáwó. Nígbà náà ni ìkẹ́dùn láti òkè òkun lè dé ṣáájú ìsìnkú. Ó kúrò ní lẹ́tà tí a ń kà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ó di ọ̀rọ̀ tí a ń tẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú, tàbí tí a ń kà sétí ìjọ.

Ìyàtọ̀ yìí kò kan àwọn mùsùlùmí bákan náà, nítorí pé wọ́n máa ń tètè sin òkú wọn, lọ́pọ̀ ìgbà lọ́jọ́ náà gan-an tàbí lọ́jọ́ kejì. Ọmọ tó wà ní Amẹ́ríkà kò tíì rí ọkọ̀ òfuurufú wọ̀ tí wọ́n ti bo ilẹ̀. Fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ń ṣe fídáù, tàbí ogójì ọjọ́, ni iṣẹ́ tí ẹni òkèèrè rán máa ń bá pé. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní máa sáré láti bá ìsìnkú. Á múra sílẹ̀ de ọjọ́ kẹjọ.

Kásẹ́ẹ̀tì: ohùn padà dé

Lẹ́yìn tí kásẹ́ẹ̀tì kékeré jáde ní 1963, tó sì wá pọ̀ lọ́wọ́ ará ilé ní ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀lé e, ohun tí wáyà gbà lọ́wọ́ wa padà dé: ohùn. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè jókòó ti rédíò olókásẹ́ẹ̀tì, kó tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, kó sì ki oríkì ìdílé fún bàbá rẹ̀ tó lọ. Kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ojú kan àti ọgbọ̀n ní ojú kejì. Kò sí ẹni tó ń ka iye ọ̀rọ̀ mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ pàápàá wọ inú rẹ̀, ẹkún sì wọ inú rẹ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń bọ̀ wálé ni wọ́n máa ń fi kásẹ́ẹ̀tì náà rán. Ó túmọ̀ sí pé ènìyàn kan yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà, yóò wọlé, yóò jókòó nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ ọ, yóò sì lè dáhùn bí màmá bá béèrè pé, "Ṣé ó ń jẹun?" Nínú gbogbo ẹ̀rọ tí a wò, kásẹ́ẹ̀tì ló sún mọ́ àrokò jù.

Ilé náà ń dá èsì padà. Wọ́n á gba ìsìnkú sínú fídíò, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò lè wá. Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí Nàìjíríà àti Ìlú Ọba ń gbà gbé àwòrán tẹlifíṣọ̀n jáde nígbà náà jọra, ti Amẹ́ríkà sì yàtọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò tó ti Ṣálẹ́ǹjì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù yóò ṣiṣẹ́. Èyí tó lọ sí Húsítìn, ẹ̀rọ ibẹ̀ kò ní lè kà á, àfi bí wọ́n bá lọ sanwó fún ẹni tí yóò yí i padà. Ẹnì kan lè ní ìsìnkú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó má lè wò ó.

Fóònù àti fọ́ìsì nóòtù

Ní oṣù kẹjọ 2001 ni fóònù alágbèéká tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Owó ìṣẹ́jú kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà, kódà bí o bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, títí di 2003 tí sísan owó ní ìṣẹ́jú àáyá fi dé. Ẹni òkèèrè á pe ilé, wọ́n á sì máa gbé fóònù kan ṣoṣo kiri láàárín àwọn àlejò: ẹ gbà, ọmọ yín ní Ìlú Ọba ni. Ẹni tó ń gbé fóònù kiri yìí, oníṣẹ́ ni. Òun ló mọ ẹni tí kò yẹ kí wọ́n gbé fóònù fún lákòókò yẹn.

Ní 2013 ni Wáàsáàpù fi fọ́ìsì nóòtù kún iṣẹ́ rẹ̀. Ohùn wá wọ etí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tààrà, nígbàkigbà, láìsí ẹni tó gbé e wá. Àǹfààní rẹ̀ hàn sí gbogbo wa, pàápàá fún ìyá tí kò mọ̀wé kà. Àmì ohùn wa wà níbẹ̀ pé pérépéré. Ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó dúró láàárín.

Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ kò ju méjì lọ. Èkínní ni irú òkú. Bí àgbà bá kú, tó fi ọmọ sílẹ̀, a lè sọ pé ẹ kú ìnáwó, ẹ̀yìn wọn á dára. Bí ọmọdé tàbí géńdé bá kú, ọ̀fọ̀ ni. Kí Ọlọ́run dáwọ́ ibi dúró là ń sọ, kì í ṣe ìnáwó. Ẹni tó ti pẹ́ lókèèrè, tó kàn gbọ́ pé ikú dé ilé kan ní Agbowó, lè fi ìkíni òkú àgbà ránṣẹ́ sí ìyá tó sin ọmọ. Oníṣẹ́ ìbá ti gbé e mì. Fọ́ìsì nóòtù kò ní gbé e mì.

Èkejì ni títú ọ̀rọ̀ náà. Yorùbá kì í já ikú lu ènìyàn. A ó ní bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn, a ó ní kí ó máa bọ̀ nílé, a ó sì rí i pé àgbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó tó gbọ́. Lónìí, ìkẹ́dùn ọ̀rẹ́ kan láti Kánádà lè dé orí fóònù ọmọ kí ìdílé tó sọ fún un rárá. Ìkẹ́dùn á wá di ìkéde ikú.

2020: gbogbo wa di ará òkèèrè

Ìjọba àpapọ̀ ti pápákọ̀ òfuurufú mọ́ àwọn ọkọ̀ tó ń ti òkè òkun bọ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta 2020 nítorí kòrónà. Wọn kò ṣí i padà títí di ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án. Láàárín oṣù márùn-ún àti ààbọ̀ yẹn, gómìnà Ọ̀yọ́ tẹ́lẹ̀, Abíọ́lá Ajímobì, kú sí Èkó ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà. Ọjọ́ 28 ni wọ́n sin ín sí ilé rẹ̀ ní Olúyọ̀lé Ẹ̀sítéètì, létí Ríǹgì Róòdù. Ìsìnkú ẹni tó ṣe gómìnà fún ọdún mẹ́jọ, tí ìbá mú kí Ìbàdàn dí pa, wá di ti ìwọ̀nba ènìyàn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún gómìnà, ẹ wo bí yóò ti rí fún ilé tí kò lórúkọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀, kì í ṣe ti ilé kan pàtó. Màmá kan kú ní Bódìjà ní oṣù kẹfà ọdún yẹn. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin wà ní Húsítìn. Ìdílé pinnu pé wọn yóò fi Súùmù ṣe àìsùn ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Aago márùn-ún Ìbàdàn jẹ́ aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ní Húsítìn lákòókò yẹn, ó sì bọ́ sí márùn-ún náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àkọ́bí náà gbọ́dọ̀ gbàyè níbi iṣẹ́; àbúrò rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kò nílò rẹ̀. Súùmù ọ̀fẹ́ máa ń já lẹ́yìn 40 ìṣẹ́jú bí èrò bá wà lórí rẹ̀. Bí wọn kò bá mọ èyí, àárín orin kejì ni gbogbo wọn yóò pòórá.

Ó fi fọ́ìsì nóòtù ránṣẹ́ kí wọ́n lù ú fún àwọn tó pé jọ. Fáìlì Wáàsáàpù tó ń parí sí `.opus` ni. Kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ló máa ń ṣí i wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n VLC lè ṣí i. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó ṣeé lù gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹnì kan sì dán an wò lórí ẹ̀rọ tí wọ́n máa lò gan-an.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn ún jù kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọ̀nyí. Ẹni tó gbé fóònù dúró kọ ojú rẹ̀ sí àlùfáà àti pósí títí ètò fi parí. Àkọ́bí rí òkú, ó rí òdòdó, kò rí bàbá rẹ̀ tó jókòó lórí àga ní igun yàrá. Bàbá náà kò sì rí i. Ọ̀rọ̀ dé, ojú kò dé. Ìgbà tí ọmọ àbúrò kan gbé fóònù mìíràn lọ kúnlẹ̀ síwájú bàbá lálẹ́ ọjọ́ náà, tó ní, "Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá jókòó tì yín," ni ìkẹ́dùn tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí pápákọ̀ ṣì tì mọ́

Pápákọ̀ ti ṣí, ṣùgbọ́n kò ṣí fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ń dúró de ìdáhùn sí ẹ̀bẹ̀ ààbò ní Ìlú Ọba, bó bá kúrò ní ìlú, wọ́n á kà á sí pé ó ti fa ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yọ. Ẹni tó ti béèrè fún ìwé ìgbélùú ní Amẹ́ríkà, bó bá jáde láìkọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ìrìnàjò, wọ́n lè kà á sí pé ó ti pa ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tì. Àwọn ará ilé kì í sábà mọ èyí. Ohun tí wọ́n ń sọ ní Bódìjà ni pé, "Ó ní owó, kò kàn fẹ́ wá ni." Ẹni náà gan-an kò sì ní fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìwé rẹ̀ sínú fọ́ìsì nóòtù tí gbogbo ìdílé yóò gbọ́. Ẹnì kan tó mọ̀, tó wà nílé, tó ṣeé fọkàn tán, ló lè gbé ọ̀rọ̀ náà bá àgbà létí: kì í ṣe pé kò fẹ́ wá, ọ̀nà ni kò là.

Nínú gbogbo ohun tí a wò, láti owó ẹyọ dé Súùmù, iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ láìyà á lára ni iṣẹ́ tí ẹnì kan bá jẹ́. Ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ wa tó ti jáde wà lókè òkun báyìí, àwa náà sì lè wà níbẹ̀ lọ́la. Bí ìròyìn ikú bá dé, kí a tó tẹ bọ́tìnnì máíkì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe ẹni tó wà nínú ilé náà: irú òkú wo ni, ta ni kò tíì gbọ́, ta ni yóò bá mi jókòó ti màmá? Kí a fi fọ́ìsì nóòtù náà rán onítọ̀hún. Yóò mọ ìgbà tó yẹ kí ó lù ú.